Bí a ṣe gbé nọ́ńbà Àǹtí kúrò lórí síìmù sórí eSIM láìjáde nílé

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀

Mánṣẹ́sítà ni Àǹtí mi ń gbé. Nọ́ńbà Ìlú Ọba kan wà lọ́wọ́ wọn tó ti pẹ́ gan-an: òun ni ibi iṣẹ́ fi ń pè wọ́n, òun ni ilé ìwòsàn àti báńkì mọ̀. Nọ́ńbà Nàìjíríà kan tún wà, tí kò gbọ́dọ̀ kú, nítorí orí rẹ̀ ni báńkì wọn nílé ń fi OTP sí. Fóònù méjì ni wọ́n ń gbé kiri, bátìrì ti àkọ́kọ́ kò sì dúró mọ́. Fóònù Áńdíróìdì tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò méjèèjì ní ihò síìmù kan ṣoṣo, ó sì ń gba eSIM, ìyẹn síìmù tí a ń dáńlóòdù sínú fóònù dípò kí a fi sínú ihò.

A pinnu pé síìmù Nàìjíríà ni yóò wọ ihò náà, kí nọ́ńbà Ìlú Ọba di eSIM. A ò ṣe é ní òdìkejì nítorí pé pípààrọ̀ síìmù ní Nàìjíríà ń béèrè NIN àti yíyẹ ìka tàbí ojú ẹni tó ni nọ́ńbà wò. Ẹni tó wà lókè òkun kò ní fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìyẹn nígbà tí síìmù náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní Ìlú Ọba, àtẹ̀jíṣẹ́ kan péré lèèyàn fi ń gba àṣẹ láti gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ.

Ohun tó ń ba Àǹtí lẹ́rù ò ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n ní, “Nọ́ńbà yìí ni wọ́n fi ń pè mí síṣẹ́ o. Má jẹ̀ẹ́ kó sọnù.” Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí. A ò ní yọ síìmù yín kúrò nínú fóònù yẹn títí tí èyí tuntun á fi dáhùn.” Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo to gbogbo ìpele tó tẹ̀lé e sí.

Ohun tí a lò: fóònù àtijọ́ àti tuntun, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, Wáì-Fáì ilé, ṣáájà fún fóònù méjèèjì, bébà àti báírò.

Ìpele 1: Ṣé fóònù yìí lè gbà á?

Kó tó di pé a san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, a tẹ èyí lórí fóònù tuntun bí ẹni fẹ́ pe nọ́ńbà:

```
*#06#
```

Ojú fóònù á kó nọ́ńbà gígùn jáde. IMEI ní òǹkà 15. Èyí tí a ń wá ni EID, òǹkà 32 tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 89. Bí EID kò bá sí níbẹ̀, fóònù náà kò gba eSIM, ohun yòówù kí ẹni tó tà á sọ. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé fóònù tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè yàtọ̀ sí ara wọn gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ́kọ́ tà á. Ọ̀pọ̀ áífóònù tí wọ́n ṣe fún ọjà ilẹ̀ Ṣáínà, ihò síìmù méjì ni wọ́n ní, wọn kò sì ní eSIM rárá. Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó ní kí wọ́n ya àwòrán ojú *#06# ránṣẹ́, kí wọ́n fi ìka bo ìdajì àwọn òǹkà náà.

Ohun kejì ni títì. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni wọn kò ti gbà kí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìlú Ọba máa ta fóònù tó tì mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n tà ṣáájú ìgbà yẹn lè ṣì wà ní títì. Irú fóònù bẹ́ẹ̀ lè gba eSIM wọlé dáadáa kó wá kọ̀ láti so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èèyàn á sì máa rò pé eSIM ló bàjẹ́. A yá síìmù ọmọ Àǹtí, tó jẹ́ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, a fi sínú ihò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé, a pe èèyàn kan, ó gbé e. Kò tì.

Ìpele 2: Ilẹ̀kùn àkáǹtì

Ibí ni mo lo àkókò jù sí, mo sì rò pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí wà. Síìmù oníke kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni: bí fóònù bá kú, o yọ ọ́, o fi sínú òmíràn, ó tán. eSIM kò ṣeé yọ. Bí fóònù bá já sínú omi, inú àkáǹtì tó o ní lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lo ti sábà máa ń gba nọ́ńbà rẹ padà sórí fóònù mìíràn. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àkáǹtì bẹ́ẹ̀, nígbà tó o bá fẹ́ wọlé, orí nọ́ńbà yẹn kan náà ni wọ́n á fi kóòdù ìwọlé sí. Fóònù tó ti kú ni kóòdù ń lọ.

Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ kan síìmù, a wo àkáǹtì Àǹtí lórí kọ̀ǹpútà. Ímeèlì tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ibi iṣẹ́ kan tí wọ́n ti kúrò. A pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, a tẹ líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, a sì ṣe pásíwọ́ọ̀dù tuntun. A kọ ímeèlì náà àti pásíwọ́ọ̀dù sórí bébà, Àǹtí fi pa mọ́ sínú àpò tí ìwé ìrìnnà wọn wà.

Lẹ́yìn náà la dán an wò. A fi fóònù àtijọ́ sí ipò ọkọ̀ òfuurufú, kí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan má lè wọlé, a wá gbìyànjú láti wọ àkáǹtì náà lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ímeèlì nìkan. Ó béèrè kóòdù, ó sì fún wa láàyè láti yan ímeèlì dípò àtẹ̀jíṣẹ́. A wọlé. Ká ní kò gbà ni, mi ò bá ti dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Ímeèlì fúnra rẹ̀ náà ní tirẹ̀: a rí i pé bó bá fẹ́ fìdí Àǹtí múlẹ̀, orí nọ́ńbà yẹn náà lòun tún ń wò. A fi ímeèlì ọmọ wọn kún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà kejì.

Ìpele 3: Ohun tó wà lórí síìmù àtijọ́

eSIM tuntun kì í wá pẹ̀lú orúkọ àwọn èèyàn tó wà lórí síìmù oníke. Àwọn àgbà tí wọ́n ti ń lo nọ́ńbà kan láti ìgbà fóònù kékeré sì sábà máa ń ní orúkọ lórí síìmù láìmọ̀. Nínú áàpù tó ń tọ́jú orúkọ lórí fóònù àtijọ́, a wá ibi tí a ti lè kó orúkọ wọlé láti orí síìmù, a kó gbogbo rẹ̀ sínú àkáǹtì Gúgù wọn. Orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn kan ní Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ti ń wá kiri, wà lára àwọn tó jáde.

Ìpele 4: Wásáàpù àti báńkì kó lọ ṣáájú nọ́ńbà

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nọ́ńbà gbọ́dọ̀ ti wà lórí fóònù tuntun kí Wásáàpù tó lè ṣí níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí Wásáàpù ń fẹ́ ni kóòdù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà náà, níbikíbi tí síìmù bá wà. Ìgbà tí síìmù ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú fóònù àtijọ́ ni àkókò tó dára jù, nítorí kóòdù á dé kíákíá.

A gbé fóònù méjèèjì sórí tábìlì, a so wọ́n mọ́ Wáì-Fáì kan náà. Lórí fóònù àtijọ́, a lọ sí Settings > Chats > Transfer chats. A tẹ nọ́ńbà Àǹtí sí Wásáàpù tuntun, kóòdù balẹ̀ sórí fóònù àtijọ́, a kọ ọ́ síbi tó yẹ. Nígbà tó kan kíkó ọ̀rọ̀ ìtàkùrọ̀sọ, fóònù àtijọ́ ka QR tó wà lójú ti tuntun. Fídíò ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó parí.

Áàpù báńkì Ìlú Ọba gba ọ̀nà mìíràn: ó ní kí a fọwọ́ sí fóònù tuntun láti inú áàpù tó wà lórí ti àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má tíì nu fóònù àtijọ́. Báńkì kan lè dá fífi owó ránṣẹ́ dúró fúngbà díẹ̀ bó bá rí i pé síìmù ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà. Àǹtí san owó ilé wọn kó tó di pé a bẹ̀rẹ̀ ìpele tó kàn.

Ìpele 5: Ilé-iṣẹ́ àtijọ́ kọ̀, a béèrè PAC

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ilé-iṣẹ́ tí èèyàn wà lọ́dọ̀ rẹ̀ yí síìmù oníke sí eSIM nínú áàpù wọn. Ibẹ̀ la kọ́kọ́ gbà. Lórí irú ètò tí Àǹtí ń san, bọ́tìnnì eSIM kò sí nínú áàpù náà. A bá òṣìṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀ nípa kíkọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ó ní kí Àǹtí lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àkókò iṣẹ́ wọn kò jẹ́ kí ìyẹn ṣeé ṣe.

Òfin Ìlú Ọba fún wa ní ọ̀nà mìíràn. Láti oṣù Keje ọdún 2019 ni ẹnikẹ́ni ti lè gba kóòdù tí wọ́n fi ń gbé nọ́ńbà kúrò láìbá òṣìṣẹ́ kankan sọ̀rọ̀. Láti orí síìmù tí nọ́ńbà náà wà, a kọ ọ̀rọ̀ kan yìí, a fi ránṣẹ́ sí 65075, lọ́fẹ̀ẹ́:

```
PAC
```

Èsì dé lọ́gán. PAC náà ní lẹ́tà mẹ́ta àti òǹkà mẹ́fà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló máa ń ní agbára. Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn kan náà máa ń sọ bóyá owó kan wà láti san torí pé ẹni náà fẹ́ kúrò kí àdéhùn tó pé. Ti Àǹtí kò sí, nítorí oṣooṣù ni wọ́n ń san. Ẹni tó bá ń ra káàdì sí tirẹ̀, kó lo owó tó kù níbẹ̀ tán, nítorí owó náà kì í tẹ̀ lé nọ́ńbà lọ sí ilé-iṣẹ́ tuntun.

Méjì péré ni mo ní kí Àǹtí má gbàgbé. Wọn kò gbọ́dọ̀ pe ilé-iṣẹ́ àtijọ́ láti ní kí wọ́n pa nọ́ńbà náà. PAC fúnra rẹ̀ ló máa parí àdéhùn náà lọ́jọ́ tí nọ́ńbà bá kọjá, bí wọ́n bá sì pa nọ́ńbà ṣáájú, PAC kò níṣẹ́ mọ́. Èkejì, wọn kò gbọ́dọ̀ ka kóòdù yẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá pè, ì báà sọ pé òun wá láti báńkì. Ẹni tó bá gba PAC lọ́wọ́ rẹ lè gbé nọ́ńbà rẹ lọ sórí fóònù tirẹ̀, kó sì máa gba OTP rẹ.

Ìpele 6: eSIM wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà àfidípò

A yan ilé-iṣẹ́ tuntun kan tó ń ta eSIM nínú áàpù, tó sì ń gba owó lóṣooṣù láìsí àdéhùn gígùn. A forúkọ sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ímeèlì tí a ti tún ṣe ní Ìpele 2, a san owó, QR jáde lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn kan máa ń gba PAC níbi ìforúkọsílẹ̀ gan-an. Èmi kò fi síbẹ̀. Mo fẹ́ kí eSIM náà kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà àfidípò tí ilé-iṣẹ́ tuntun fún wa, kí a rí i pé fóònù ń pè, kó tó di pé nọ́ńbà Àǹtí kúrò níbi tó wà.

Kò sí síìmù kankan nínú QR yẹn. Àdírẹ́sì sáfà àti kóòdù kan ló wà níbẹ̀. Bí èèyàn bá ka ohun tó wà nínú rẹ̀, báyìí ló ṣe máa rí:

```
LPA:1$smdp.example.com$AB12-CD34-EF56
```

Àárín ni àdírẹ́sì sáfà tí síìmù wa wà nípamọ́, ìparí ni kóòdù tó ń sọ èwo ni tiwa. Fóònù á lọ síbẹ̀, á sì dáńlóòdù rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kékeré tó wà nínú rẹ̀, èyí tí EID jẹ́ nọ́ńbà rẹ̀. Nítorí náà ló ṣe ń fẹ́ Wáì-Fáì: fóònù tí kò tíì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lè fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìdí nìyẹn náà tí QR kò fi dára lójú fóònù tó fẹ́ kà á, nítorí kámẹ́rà kò lè wo ojú ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní kọ̀ǹpútà lè fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí fóònù ẹlòmíràn nínú ilé, tàbí kó yan ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ tẹ kóòdù náà sí.

Lórí fóònù tuntun, ọ̀nà ni Settings > Network & internet > SIMs > Add SIM. Lórí Sámúsọ́ǹgì, Settings > Connections > SIM manager > Add eSIM ni. A fi kámẹ́rà ka QR ojú kọ̀ǹpútà. Ó ń yí, ó ń yí, ó wá sọ pé kò ṣeé ṣe. A tún un ṣe, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ. Ohun tó fà á ni VPN kan tó ti bá áàpù mìíràn wọ inú fóònù náà nígbà tí a ń kó nǹkan wọlé. A pa á, a tún ka QR, eSIM dé kí a tó gbójú sókè. Inú mi dùn pé a rí ohun tó fà á kíákíá, nítorí ẹlòmíràn á ti lọ béèrè QR tuntun lásán. Bí dáńlóòdù kò bá tíì parí, QR àkọ́kọ́ lè ṣì dára. Kí a wo íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù náà dáadáa ná.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé. A fi nọ́ńbà àfidípò pe fóònù Àǹtí àtijọ́, ó dún. Wọ́n gbé e, wọ́n ní, “Ta nìyí?” A jọ rẹ́rìn-ín nínú yàrá kan náà.

Nǹkan kan ni mo kíyè sí níbí. Áàpù àtẹ̀jíṣẹ́ ti fẹ́ fi nọ́ńbà àfidípò forúkọ sílẹ̀ fún RCS, ìyẹn àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo lọ pa RCS chats nínú ètò rẹ̀ títí nọ́ńbà gidi á fi dé, kí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn má baà máa lọ sórí nọ́ńbà tí yóò pòórá.

Ìpele 7: Ọjọ́ tí nọ́ńbà kọjá

A kọ PAC àti nọ́ńbà Àǹtí sínú áàpù ilé-iṣẹ́ tuntun ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Bí òfin ṣe wí, ọjọ́ iṣẹ́ kan ni wọ́n ní láti fi gbé e. Ẹni tó bá fi PAC sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kò gbọ́dọ̀ retí nǹkan kan ní Sátidé tàbí ọjọ́ Àìkú. Mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yan ọjọ́ tí Àǹtí kò níṣẹ́ lọ́jọ́ kejì rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a gbé fóònù méjèèjì sórí ṣáájì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, síìmù oníke ṣì wà nínú ti àtijọ́. Kí wọ́n má yọ ọ́ ṣe pàtàkì, nítorí nọ́ńbà kì í fò láti ibì kan sí ibòmíràn lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣàtúnṣe àkọsílẹ̀ tirẹ̀ nípa ibi tí nọ́ńbà yẹn wà, láàárín ìgbà náà ìpè láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan lè lọ sórí síìmù àtijọ́, kí ti ẹlòmíràn lọ sórí eSIM.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúrò lórí fóònù àtijọ́ láàárọ̀. Lórí ti tuntun, nọ́ńbà àfidípò ṣì ló ń hàn. A pa fóònù tuntun, a tún tàn án. Mo pe nọ́ńbà Àǹtí láti orí fóònù tèmi, ti tuntun dún. Ọmọ wọn, tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, pè é, kò dún níbì kankan. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó tún pè, ó dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ wa méjèèjì wọlé. Ti báńkì ló kẹ́yìn. A ní kí áàpù báńkì fi kóòdù ránṣẹ́, kò dé. A fi eSIM sí pípa nínú Settings, a tún tàn án, síbẹ̀ kò dé. Ní ìrọ̀lẹ́ a tún béèrè kóòdù tuntun, ó wọlé. A kò yí nǹkan kan padà láàárín ìgbà yẹn. Ẹ má ṣe béèrè kóòdù lemọ́lemọ́ lásìkò yìí, nítorí báńkì lè ti àkáǹtì pa.

Mo tẹ́wọ́ gba ìdánwò kìkì nígbà tí nǹkan mẹ́rin ti ṣẹlẹ̀: ìpè wọlé láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì tó yàtọ̀, ìpè jáde tó gbé orúkọ Àǹtí sójú fóònù ẹni tí a pè, àtẹ̀jíṣẹ́ èèyàn, àti àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì. Ìgbà yẹn la tó yọ síìmù oníke. A tan RCS padà, a tan ìpè orí Wáì-Fáì náà, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọ inú yàrá Àǹtí dáadáa, ètò yẹn kì í sì í tẹ̀ lé nọ́ńbà wá.

Ìpele 8: Fóònù náà bàjẹ́, eSIM tún ní láti kó

Kò pẹ́ tí ojú ihò ṣáájà fóònù tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í já. Bí a kò bá mú okùn náà dání, kò ní gba iná. Òfin tó dáàbò bo ẹni tó ra ọjà ní Ìlú Ọba, ti ọdún 2015, fún èèyàn ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá ọjà tó ní àléébù padà fún ẹni tó tà á, kó gba gbogbo owó rẹ̀, àlòkù náà wọ̀ ọ́ bí ó bá jẹ́ oníṣòwò ló tà á. Àǹtí pinnu láti dá a padà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ ra Pixel 7a.

Ó tó ìgbà láti gbé nọ́ńbà láti orí eSIM kan sí òmíràn. A kọ́kọ́ gbìyànjú QR àtijọ́ tí mo tọ́jú. Pixel kà á, ó lọ sí sáfà, sáfà sì kọ̀: ẹni kan ti lo kóòdù yẹn. Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń jẹ́ kí QR ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tó bá tẹ QR sórí bébà gẹ́gẹ́ bí ohun ìfipamọ́, bébà lásán ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan máa ń jẹ́ kí fóònù tuntun fa eSIM láti ara fóònù àtijọ́ tó wà nítòsí. Nígbà tí a ṣí Add SIM lórí Pixel, a kò rí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa.

Inú àkáǹtì la padà sí, lórí kọ̀ǹpútà. Ibi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń béèrè eSIM tuntun fún fóònù mìíràn. Kí ó tó fún wa, ó fi kóòdù ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà Àǹtí, èyí tó túmọ̀ sí orí fóònù tí ihò rẹ̀ ń já, tí eSIM àkọ́kọ́ ṣì wà lórí rẹ̀. Inú mi dùn pé a kò tíì nù ún. Bí ẹni tó fẹ́ dá fóònù padà bá kọ́kọ́ nu gbogbo nǹkan, tó sì fọwọ́ sí i pé kó pa eSIM rẹ́ pẹ̀lú, ibi tí kóòdù yẹn máa balẹ̀ sí kò ní sí mọ́, á wá ku ọ̀nà ímeèlì nìkan.

A kọ kóòdù náà, QR tuntun jáde, Pixel kà á lórí Wáì-Fáì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ti fóònù àkọ́kọ́ kú. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ìdúró ọjọ́ kan, nítorí ilé-iṣẹ́ kan náà ni, ibi tí nọ́ńbà wà lójú àwọn yòókù kò yí padà. Àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn tí a ti tún ìdánwò mẹ́rin yẹn ṣe, tí Wásáàpù àti áàpù báńkì náà sì ti kó, la tó pa eSIM tó ti kú rẹ́ lórí fóònù àkọ́kọ́, a yọ àkáǹtì Gúgù kúrò, a nu ún mọ́, a dì í fún ìdápadà.

Ìpele 9: Síìmù Nàìjíríà wọ ihò

Èyí kò gba àkókò. A yọ ọ́ nínú fóònù kejì, a fi sínú ihò Pixel. Nínú SIMs, a sọ wọ́n lórúkọ, “Ìlú Ọba” àti “Nàìjíríà”, kí Àǹtí lè mọ èwo ni wọ́n fẹ́ fi pè. Dátà, ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́, a fi gbogbo rẹ̀ sí Ìlú Ọba. Lórí ti Nàìjíríà, a pa Roaming, a sì rí i pé fóònù kò ní àṣẹ láti fúnra rẹ̀ gbé dátà láti orí síìmù kan sí èkejì. Pípa Roaming kò dí àtẹ̀jíṣẹ́ lọ́wọ́: dátà nìkan ló ń dí. A ní kí áàpù báńkì Nàìjíríà fi OTP ránṣẹ́, ó wọlé sórí Pixel.

Síìmù Nàìjíríà tí kò bá ṣe ohun kankan tí wọ́n ń gba owó lé lórí fún oṣù mẹ́fà, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lè ti í pa. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n lè fi nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn, OTP báńkì á sì máa lọ bá ẹni yẹn. OTP tó ń wọlé nìkan kò tó láti fi dá síìmù náà sí, nítorí kì í ṣe Àǹtí ló ń san owó rẹ̀. A fi àmì sórí kàlẹ́ńdà Pixel pé kó máa rán wọn létí ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta láti fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ láti orí síìmù yẹn, a sì ra káàdì díẹ̀ sí i láti inú áàpù báńkì.

Owó

Àtẹ̀jíṣẹ́ PAC jẹ́ ọ̀fẹ́, eSIM jẹ́ ọ̀fẹ́, gbígbé e sórí Pixel náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ètò oṣooṣù lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tuntun jẹ́ pọ́ùn 10. Ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ti gba owó oṣù náà ṣáájú, nítorí náà owó méjì pàdé ara wọn lóṣù yẹn. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè béèrè PAC tirẹ̀ kí oṣù tó parí, kó sì lò ó ní ọjọ́ iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìsanwó.

Ohun tó ṣẹ́ kù

Fóònù àtijọ́ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ Àǹtí, a kò nù ún, nítorí báńkì kékeré kan wà tí wọn kò tíì kó áàpù rẹ̀. Síìmù oníke tó ti kú, mo fi àlùmọ́gàjí gé e sí méjì. Bébà ímeèlì àti pásíwọ́ọ̀dù ni mo tún wò kẹ́yìn: mo kọ EID Pixel sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ilé-iṣẹ́ tuntun àti ibi tí wọ́n ti ń béèrè eSIM mìíràn nínú àkáǹtì, kí ọmọ wọn lè ṣe é láìsí mi nílé.